Ìlérí Ọjọ́bọ̀

Olóhùn Oyin ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orin ló ń kọ. Iléeṣẹ́ tó ń ta fíríìjì ló ń bá ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ń gbé fóònù àwọn oníbàárà. Bí fíríìjì ẹnìkan bá ti ya olóríkunkun, ohùn rẹ̀ ni onítọ̀hún máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹlòmíràn á pariwo wọlé bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Olóhùn Oyin á jẹ́ kó pariwo tán, á wá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mò ń gbọ́ yín." Kí ẹni náà tó mọ̀, ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí àbúrò ìyá rẹ̀.

Fèrèsé yàrá náà kò ṣeé ṣí. Táyà àwọn àga ti jẹ kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ títí ó fi lu. Tìmùtìmù kékeré tó wà létí ẹ̀rọ agbọ́hùn tí wọ́n ń gbé sórí ti ń ṣí bí awọ ẹni tí oòrùn jó, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ lé wọn lórí débi pé súwẹ́tà ni gbogbo wọn ń wọ̀ nígbà tí ìta ń mú bí iná. Àwọn fúnra wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní iléeṣẹ́ tó ń ta òtútù, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ìyá Ìbejì ló jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Obìnrin náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, òun ló sì kọ́ Olóhùn Oyin bí wọ́n ṣe ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo fóònù tí wọ́n bá gbé, bó ti wù kó gùn tó, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Àyè mẹ́ta ló wà fún un. Àkọ́kọ́ ni Ẹ̀sùn: kí ló ń dun oníbàárà? Èkejì ni Okùnfà: kí ló fà á? Ẹ̀kẹta ni Ìlérí: kí la sọ pé a máa ṣe, ta ló máa ṣe é, ìgbà wo?

"Máa kọ ọ́ bí ẹni pé o ò ní wá síbí lọ́la mọ́," ni Ìyá Ìbejì sọ fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ, kó kà á, kó má tún ní kí oníbàárà ro ẹjọ́ kan náà mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa níbí ò lójú. Ohun tó o bá kọ sílẹ̀ lojú ẹ̀."

Ó tún kìlọ̀ fún un pé àyè kẹta yẹn ló lẹ́sẹ̀. Bí èèyàn bá kọ síbẹ̀ pé a máa rán ẹnìkan lọ, kọ̀ǹpútà á gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ bá àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, kò sì ní kúrò lójú wọn títí wọ́n á fi lọ. Bí èèyàn bá kọ ọ́ pé a ti gba oníbàárà nímọ̀ràn, tíkẹ́ẹ̀tì á pa dé, ó tán, kò sẹ́ni tó tún máa wò ó àfi tí oníbàárà bá tún pè.

Ọ̀gá wọn ni Ọ̀gá Kíákíá. Ọkùnrin tó mọ́ra ni, bàtà rẹ̀ kì í dún tó bá ń rìn, ẹ̀yìn àga lèèyàn kàn ń bá a. Pátákó iná kan wà lára ògiri tó ń ka iye tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣì wà ní ṣíṣí. Bí iye yẹn bá ti pọ̀ jù, pupa ló máa ń tàn, àwọn ọ̀gá àgbà á sì pe Ọ̀gá Kíákíá sókè. Bó bá sọ̀kalẹ̀ wá báyìí, kò sẹ́ni tó ń wojú ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, fóònù Olóhùn Oyin dún.

"Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi," ni ohùn àgbàlagbà kan wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ sókè díẹ̀. Káfíńtà ni mí. Ayùn oníná ti ba etí mi òsì jẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ ti ń gbọ́ mi báyìí?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Fíríìjì yín tí mo rà yìí, ariwo ẹ̀ pọ̀. Ìyàwó mi ní ó dà bíi kí n gbé ọkọ̀ wá páàkì sínú ilé ìdáná."

Olóhùn Oyin rẹ́rìn-ín. Ó ti ń kọ ọ́ sínú àyè àkọ́kọ́ pé ariwo. Bó bá ṣe pé ẹlòmíràn ló gbé fóònù náà, ibẹ̀ ni ì bá parí sí: ẹ gbé e kúrò lára ògiri díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n ó bi í pé, "Bàbá, ariwo yẹn, ṣé ó máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn?"

"Kò dákẹ́ rí o. Tọ̀sán tòru ló ń hùn. Bó bá ti níná báyìí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ká ní àwọn ọmọṣẹ́ mi lè ṣe é bẹ́ẹ̀, mi ò bá ti di olówó."

"Àwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Mi ò sọ ti òkè tó ń sọ nǹkan di yìnyín o, ti ìsàlẹ̀ ni mò ń bi yín."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn! Tòmátò dì, omi dì. Oògùn ìyàwó mi náà dì lánàá, ìgò abẹ́rẹ́ tó ń gún. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, òun á gbé e sóòrùn kó yọ́."

Ọwọ́ Olóhùn Oyin dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ìyá tirẹ̀ gan-an ti lo abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ títí tó fi kú. Òun ló máa ń bá a gbé ìgò náà jáde, òun ló máa ń bá a dá a padà, ó sì mọ̀ pé òtútù ló ń tọ́jú oògùn yẹn, ṣùgbọ́n bó bá ti dì pẹ́nrẹ́n, agbára ẹ̀ ti bàjẹ́. Èèyàn lè máa wò ó kó mọ́ gaara bí omi, kó má sì ṣiṣẹ́ kankan mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣé oògùn àtọ̀gbẹ ni?"

"Òun ni."

"Ẹ má jẹ́ kí Màmá gún èyí tó dì yẹn o. Tó bá ti yọ́ náà, kí wọ́n má gún un. Kí wọ́n lọ gba òmíràn nílé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì má gbé tuntun yẹn sínú fíríìjì yìí rárá. Ṣé aládùúgbò yín kankan ní fíríìjì?"

"Obìnrin tó ń ránṣọ níwájú ilé wa ní."

"Ẹ bá mi gbé e síbẹ̀ títí a ó fi tún ti yín ṣe. Ṣé ẹ ti gbìyànjú láti yí bọ́tìnnì tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀?"

"Mo ti yí i sílẹ̀ títí ó fi kọ̀ láti yí mọ́. Kò gbọ́."

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ yé Olóhùn Oyin. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú fíríìjì tó máa ń mọ bí òtútù ṣe tó, òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì pé ó tó, sinmi. Bó bá kú, ẹ́ńjìnnì ò ní rí ẹni dá a dúró, yíyí bọ́tìnnì sókè sódò kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Irú fíríìjì ti bàbá yìí ti fi nǹkan yẹn dá wọn láàmú rí. Ó ṣí kàlẹ́ńdà àwọn tó ń tún un ṣe, ó rí i pé àyè wà ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀.

"Bàbá, ní Ọjọ́bọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹnìkan máa wá sílé yín. Á gbé nǹkan tuntun tó máa fi pààrọ̀ ẹ̀ dání. Títí dìgbà yẹn, oògùn kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀."

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀, Bàbá."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Ẹnu rẹ dùn. Ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin bá ń bínú sí mi, ìwọ ni màá máa pè."

Nígbà tí bàbá náà gbé fóònù sílẹ̀, ó kọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ:

Ẹ̀sùn: Fíríìjì ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ di yìnyín, ẹ́ńjìnnì kì í sinmi. Oògùn abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ìyàwó oníbàárà ti dì nínú rẹ̀.

Okùnfà: Ó jọ pé ohun tó ń mọ òtútù ti kú, kí ẹni tó bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Oníbàárà ti yí bọ́tìnnì sílẹ̀ pátápátá, kò yí padà.

Ìlérí: Ẹnìkan yóò lọ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú èyí tuntun. A ti kìlọ̀ kí wọ́n má lo oògùn tó dì, kí wọ́n sì gbé tuntun sí fíríìjì aládùúgbò títí a ó fi tún un ṣe.

Kò tíì tẹ bọ́tìnnì tó máa fi ránṣẹ́ nígbà tó gbọ́ òórùn lọ́fínńdà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí leléyìí?" ni Ọ̀gá Kíákíá béèrè. "Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì lò ń kọ ni àbí ìtàn ìgbésí ayé?"

"Ọ̀gá, oògùn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí."

"Mo rí i. Kò sáyè ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn tó ra fíríìjì ńláńlá lọ́wọ́ wa, gbogbo àwọn tó ń tún un ṣe ló ń lọ síbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi máa parí. Òkè ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

"Mo ti ṣèlérí fún wọn, Ọ̀gá."

"O ti ṣèlérí ohun tí kì í ṣe tìrẹ. Tó o bá kọ Ọjọ́bọ̀ síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lọ, pupa ló máa tàn lórí mi, kò ní tàn lórí rẹ. Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé nǹkan tó ń mọ òtútù ló kú? Ṣé o ti wá di ẹni tó ń tú fíríìjì? Yọ ọ́ kúrò. Kọ ọ́ pé bọ́tìnnì ló wà lókè jù, pé a ti gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n yí i sílẹ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á tún pè. Ṣebí ẹnu wọn ò yadi."

"Wọ́n ti yí i sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo gbọ́."

Ọ̀gá Kíákíá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wá dà bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀. "Gbọ́ mi. Wọ́n máa yọ èèyàn nínú yàrá yìí kí oṣù tó parí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ. Ṣe ohun tí mo sọ."

Olóhùn Oyin wo ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá Ìbejì ń wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bí ẹni pé fíìmù ló ń lọ nínú ẹ̀.

Ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn:

Ẹ̀sùn: Ariwo àti òtútù tó pọ̀ jù. Okùnfà: Bọ́tìnnì wà lókè jù. Ìlérí: A ti gba oníbàárà nímọ̀ràn kó yí i sílẹ̀. Ó ti yanjú.

"Ẹ jẹ́ kí n kàn pè wọ́n padà, kí n sọ pé Ọjọ́bọ̀ ò ṣeé ṣe mọ́," ni ó bẹ̀ ẹ́.

"Wo iye àwọn tó ń dúró lórí ìlà. Gbé òmíràn."

Ó gbé òmíràn. Obìnrin kan ni, ilẹ̀kùn fíríìjì rẹ̀ ti já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀, ó sì fi ìyá Olóhùn Oyin àti gbogbo ìdílé rẹ̀ bú kó tó dáhùn ìkíni. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn tún wọlé. Ó ti ní i lọ́kàn pé tí àkókò ìsinmi bá tó, òun á wá nọ́ńbà bàbá náà rí. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ti pa dé kì í fi nọ́ńbà oníbàárà han ẹni tó kọ ọ́, àfi kó lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá. Kò lọ gbà á. Nígbà tó fi máa wọkọ̀ lọ sílé, ká má parọ́, ó ti gbàgbé.

Ní ti káfíńtà, kò gbàgbé. Ọjọ́ yẹn gan-an ló mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gba oògùn tuntun, wọ́n sì gbé e sínú fíríìjì aránṣọ iwájú ilé. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó ń sọdá lọ gún abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin náà, tí wọ́n á sì jókòó tàkúrọ̀sọ. Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá náà kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé fíríìjì kúrò lára ògiri kí ẹni tó ń bọ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́, ó gbá ìdọ̀tí ẹ̀yìn ẹ̀, ó gbé àpótí kan síbẹ̀ tí ẹni náà máa jókòó lé. Ó ń yọjú síta títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó wá.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó tún pe iléeṣẹ́ náà. Ìyá Ìbejì ló gbé e.

"Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ lánàá," ni bàbá wí. "Mo dúró títí."

Ìyá Ìbejì ṣí tíkẹ́ẹ̀tì, ó kà á. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló ti kà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò rántí èyí tí wọ́n torí ẹ̀ bá Olóhùn Oyin wí. "Bàbá, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbí. Ohun tó wà níbí ni pé bọ́tìnnì yín ló wà lókè jù, wọ́n sì ní kẹ́ ẹ yí i sílẹ̀. Wọ́n ti yanjú ẹ̀."

"Obìnrin yẹn ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní oògùn ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀."

"Kò sí ọ̀rọ̀ oògùn níbí, Bàbá. Ṣé ẹ ti yí i sílẹ̀?"

"Mo ti yí i sílẹ̀."

"Ṣé ó ṣì ń sọ nǹkan di yìnyín báyìí?"

Káfíńtà lọ wò ó. Àtàárọ̀ ni wọn ò ti níná ládùúgbò rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì sì ti yọ́. "Kò dì báyìí," ló wí.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ó ti gbọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, ó sì dúró ní ilé ìdáná fúngbà díẹ̀. Etí rẹ̀ ti máa ń tàn án jẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fi í rẹ́rìn-ín pé bí wọ́n bá ní kó ra bẹ́líìtì, bẹ́ẹ̀dì ló máa gbé wálé. Iléeṣẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà, tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, báwo ló ṣe máa bá wọn jiyàn? Ó gbà pé òun ló gbọ́ ọ sódì. Nígbà tó sì jẹ́ pé ojú ti ń ti ìyàwó rẹ̀ láti máa kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ torí abẹ́rẹ́, ó sọdá lọ fúnra rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ, ó sì gbé oògùn náà wálé.

Iná dé. Ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hùn, kò rí ẹni dá a dúró. Oògùn dì nígbà tí wọ́n ń sùn. Iná tún lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì yọ́. Nígbà tí ìyàwó gbé e jáde, ó mọ́ gaara. Ó gún un láàárọ̀, ó gún un nírọ̀lẹ́, ó gún un lọ́jọ́ kejì. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ó ní ó rẹ òun, bóyá òun ṣiṣẹ́ jù ni. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń mí gùlegùle bí ẹni tó sáré dé, ọkọ rẹ̀ gbé e sọ́kọ̀, wọ́n sáré dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà gbìyànjú. Kò jí mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Olóhùn Oyin gbọ́ ohùn kan láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú oníbàárà kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohùn náà gba inú ohùn ìyókù kọjá wá bá a, torí ó ti gbọ́ ọ rí. Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá àgbàlagbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló dúró síbẹ̀, eruku pákó ṣì wà nínú irun ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin kan dì í mú lápá, ojú obìnrin náà ti wú. Ọ̀gá Kíákíá dúró níwájú wọn.

"A bá yín kẹ́dùn gidigidi, Bàbá," ni ọ̀gá ń wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ wa."

"Kì í ṣe ìjà ni mo bá wá," ni káfíńtà wí. "Ọmọ mi yìí ló ní èmi ni mo pa ìyá òun. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n gbé oògùn lọ, àbí pé kí n gbé e padà, pé orí ara mi ni mo fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ní obìnrin kan bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní Ọjọ́bọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá etí mi ló pa irọ́ fún mi. Wọ́n ní ẹ máa ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ bá mi fi í sí i kí n gbọ́."

"Òkè nìkan ló lè gbà kí a gbọ́ ọ, Bàbá. Kí ẹ kọ̀wé sí wọn."

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ọmọ rẹ̀ wí. Kò wojú rẹ̀. "Mo ti sọ fún yín."

Olóhùn Oyin yọ ẹ̀rọ kúrò lórí. Ìyá Ìbejì na ọwọ́ mú aṣọ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Jókòó," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "O ti ya wèrè? Jókòó."

Ó já ara rẹ̀ gbà. Ó rìn lọ bá wọn. "Bàbá," ló wí, "ẹ káàárọ̀."

Káfíńtà yí orí, ó gbé etí ọ̀tún síwájú. Ojú rẹ̀ kò mọ obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n. "Ohùn yẹn nìyí," ló wí.

"Èmi ni. Ẹ ò gbọ́ ọ sódì. Mo sọ pé Ọjọ́bọ̀. Mo sọ pé kí ẹ gbé oògùn sọ́dọ̀ aládùúgbò, pé kò gbọ́dọ̀ wọ inú fíríìjì yẹn títí a ó fi tún un ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́."

Àwọn fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé wọn. Káfíńtà mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "O gbọ́?" ló wí fún un. "O gbọ́ ohun tó sọ?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fẹ́ẹ̀ jọ ẹni tí inú rẹ̀ dùn, èyí ló sì burú jù láti wò.

Ọmọ rẹ̀ wo Olóhùn Oyin láti òkè dé ilẹ̀. "O mọ̀," ló wí. "O mọ ohun tí oògùn yẹn lè dà, o sì pa á rẹ́." Kò pariwo. Ó mú bàbá rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe Olóhùn Oyin sókè. Àwọn mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀, Ọ̀gá Kíákíá wà lára wọn. Wọ́n ti gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tó ń ṣèlérí, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìlérí nínú. Ẹ̀rọ kì í gba ohun tí ọ̀gá bá sọ lẹ́yìn àga sílẹ̀, oníbàárà nìkan ló ń gbà.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́, àbí ìwọ kọ́?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"Èmi ni. Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá Kíákíá mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. "Mo sọ fún un kó gé e kúrú ni. Mi ò sọ fún un kó parọ́."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì, torí òun ló jókòó sítòsí. Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ fa ẹ̀gbẹ́ súwẹ́tà rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ wà létí òun lọ́jọ́ náà, òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba káàdì ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ Olóhùn Oyin. Nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, Ìyá Ìbejì ò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. "Ọmọ méjì ni mò ń dá tọ́. O mọ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá Ìbejì."

"Èmi ni mo sọ fún bàbá yẹn pé ó ti gbọ́. Èmi ni mo ní kó fọkàn balẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ kọ̀ǹpútà, kò sì kọ nǹkan kan. "Ohun tó wà níwájú mi ni mo kà."

Olóhùn Oyin fa sípù báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Nígbà tó ro gbogbo ẹ̀ fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "O ò bá ti dákẹ́, iṣẹ́ á ṣì wà lọ́wọ́ ẹ. Àbí o ò bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin yẹn á ṣì wà láyé. Àárín méjèèjì lo mú." Kò fi bú u. Ó kàn sọ ọ́ bó ṣe rí lójú rẹ̀ ni, ó sì dìde lọ fọ abọ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Olóhùn Oyin béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin náà kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Ó gbé àga tó ń gbé jáde sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró sẹ́yìn ẹ̀, bí ẹni pé ògiri ni.

"Jẹ́ kó wọlé," ni bàbá wí láti inú.

"Mi ò lè jẹ́ kó wọlé, Bàbá mi."

Káfíńtà wá bá a níta. Ó ti rù sí i. Wọ́n jókòó sórí pákó gígùn kan tí wọn ò tíì rẹ́. Olóhùn Oyin fẹ́ kúnlẹ̀, bàbá dá a dúró pẹ̀lú ọwọ́.

"Wọ́n ti lé ọ?"

"Wọ́n ti lé mi, sà."

"Ọ̀gá yẹn ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

Bàbá mi orí. Ó mú ègé igi kan nílẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré bó o. "Ọmọ mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀," ló wí nígbà tó yá. "Kò tíì pọ̀, àmọ́ ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ lo ṣe ìyẹn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n má tún wá síbí mọ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ṣe ló máa ń dà bíi pé ìyàwó mi ṣì wà nínú ilé, pé Ọjọ́bọ̀ ò tíì dé."

Olóhùn Oyin ní òun gbọ́. Ó dìde, ó sì rántí pé òun kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí náà ó tẹ orí ba, ó fi ìyẹn kí i pé ó dàbọ̀. Ọmọbìnrin náà ṣì dúró sẹ́yìn àga. Olóhùn Oyin gba iwájú ilé aránṣọ kọjá, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nínú ibẹ̀, ó sì rìn lọ sí ìdí ọkọ̀.